Ibi Tí Gíláàsì Kò Ti Gbọ́ Mọ́

Láàpútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí ojú rẹ̀ ń gbọ́ ìfọwọ́kàn ti di ohun tí àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ń wá kiri ọjà kọ̀ǹpútà Ìkẹjà, nítorí pé èèyàn lè fi bírò kọ̀wé sójú rẹ̀ bí ẹni ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í dán wò kí wọ́n tó sanwó ni bóyá gbogbo ojú náà ló ń gbọ́. Tí wọ́n bá délé tí wọ́n rí i pé apá kan ti dákẹ́, ìmọ̀ràn tí wọn yóò kọ́kọ́ gbọ́ ni pé kí wọ́n lọ tẹ `Calibrate`. Ìmọ̀ràn yẹn kì í sábà wo àìsàn náà, ó sì lè dá kún un.

Lábẹ́ gíláàsì náà ni àwọn okùn tín-ín-rín wà, tí wọ́n mọ́ gaara débi pé ojú wa kò rí wọn, tí iná díẹ̀díẹ̀ sì ń gba inú wọn kọjá. Wọ́n dábùú ara wọn bí òwú òòró àti òwú ìbú ṣe pàdé nínú aṣọ òfì. Nígbà tí ìka bá kan gíláàsì, ara wa á fa díẹ̀ nínú iná náà níbi tí okùn méjì ti pàdé. Ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣọ́ àwọn oríta wọ̀nyí á rí i pé nǹkan yí padà níbẹ̀, á sì mọ ibi tí ìka wà. Kò wo bí a ṣe tẹ̀ ẹ́ lágbára tó. Ìdí nìyẹn tí fífi ìka gún ojú tó kọ̀ etí ikún kò fi ní mú un gbọ́.

Ẹnu bírò kéré jù láti fa irú iná bẹ́ẹ̀, nítorí náà bírò gidi ní ọgbọ́n tirẹ̀. Irú kan ní bátìrì nínú, ó sì ń fi àmì ránṣẹ́ sí àwọn okùn kan náà tí ìka ń lò. Surface Pro 3 tó jáde ní 2014 ń lo irú èyí. Irú kejì ni ti Wacom, tí kò ní bátìrì rárá: pátákó mìíràn wà lẹ́yìn ojú kọ̀ǹpútà tó ń fi agbára bíi ti òòfà bọ́ bírò náà láti ọ̀nà jíjìn díẹ̀. Surface Pro méjì tó ṣáájú, tí wọ́n jáde ní 2013, ló lo èyí. Bírò ti ọ̀kan kì í ṣiṣẹ́ lórí èkejì, kódà bí orúkọ kan náà bá wà lára ẹ̀rọ méjèèjì. Ní ti bírò olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n fi rọ́bà ṣe ẹnu rẹ̀, ìka lásán ni kọ̀ǹpútà kà á sí.

Láti ibẹ̀ la ti lè lóye ọ̀rọ̀ àtẹ́lẹwọ́. Bí a bá ń kọ̀wé, ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ wa a máa sinmi lé gíláàsì, síbẹ̀ kò yẹ kó fi àmì kankan sílẹ̀. Bírò gidi a máa jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mọ̀ pé òun ti dé nígbà tó bá ku bíi sẹ̀ǹtímítà kan kó kan gíláàsì. Àmì tóńtó kan á yọ lójú ẹ̀rọ. Láti ìgbà náà lọ, kọ̀ǹpútà kò ní ka ọwọ́ sí mọ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé ọwọ́ lé e kó tó gbé bírò sún mọ́ ọn yóò rí ìlà tí kò fà. Bákan náà ni bátìrì bírò tó ti ń kú lọ, nítorí pé kọ̀ǹpútà á máa pàdánù rẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀. Nínú `Settings`, lábẹ́ `Pen & Windows Ink`, ẹ máa rí `Ignore touch input when I'm using my pen` lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ. Ẹ yàn án, kí ẹ sì sọ ọwọ́ tí ẹ fi ń kọ̀wé fún un. Bírò onírọ́bà kò lè jàǹfààní èyí láéláé.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká mú olùkọ́ ìṣirò kan tí ìlà rẹ̀ máa ń já ní gbogbo ìgbà tó bá dé apá ọ̀tún ojú ẹ̀rọ, níbi tó fẹ̀ tó ìka méjì. Kó kọ́kọ́ ṣí rọ́bà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ gíláàsì kúrò, kó fi aṣọ rírọ̀ nu ún, kó sì yọ ṣájà. Ṣájà tí kò dára tàbí ihò iná tí kò ní wáyà ilẹ̀ lè da àwọn okùn náà láàmú títí ojú yóò fi máa tẹ ara rẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá balẹ̀ lẹ́yìn tí a yọ ṣájà, gíláàsì kò ṣàìsàn.

Tí kò bá yí padà, kó ṣí `Paint`, kó fi ìka fa ìlà láti etí dé etí, lóòró, níbùú, àti ní ìdagun. Ibi tí ìlà bá ti já, kó sàmì sí i lára férémù. Lẹ́yìn náà kó lọ sí `Display orientation`, kó yí àwòrán padà, kó sì tún fà á. Ìdánwò yìí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Bí ibi tó dákẹ́ bá bá àwòrán yí, ètò inú kọ̀ǹpútà ló ń dí i. Bí ó bá dúró síbi kan náà lára gíláàsì, àwọn okùn abẹ́ rẹ̀ ni.

Ti olùkọ́ wa dúró síbi kan náà, ó sì tọ́ gbọọrọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Títọ́ yẹn ṣe pàtàkì: òwú kan tàbí mélòó kan ló já, tàbí ibi tí wọ́n ti so pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ ló tú, ìyẹn tí alátùn-únṣe lè tẹ̀ padà. Ká ní ibi tó dákẹ́ rí ràgàjì bí erékùṣù ni, a ó fura sí omi tó wọlé, gíláàsì tó ṣí lára àwòrán, tàbí ibi tí nǹkan ti tẹ̀ ẹ́ lójú.

Kò sí èyí tí `Calibrate` lè wò nínú wọn. Iṣẹ́ tirẹ̀, tó wà nínú `Tablet PC Settings`, ni láti mú kí ibi tí ẹnu bírò wà àti ibi tí ìlà ti ń jáde bára mu. Ó máa ń fi àgbélébùú hàn níkọ̀ọ̀kan ká fi bírò kàn án. Bí àgbélébùú kan bá bọ́ sórí ibi tó ti kú, kọ̀ǹpútà kò ní gbọ́, ẹni tó ń ṣe é á sì máa gún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí gbogbo ojú á fi ṣì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ kó tẹ `Reset`.

Ó kù kó fi bírò dán ibẹ̀ wò. Bí bírò tí kò ní bátìrì bá kọ geere lórí ibi tí ìka kò ti ṣiṣẹ́, pátákó ẹ̀yìn ṣì pé, ó sì lè máa fi kọ́ni lọ. Bí ìka bá ń da iṣẹ́ rú, kó pa á nínú `Device Manager`, níbi `HID-compliant touch screen`. Bírò kò ní bá a lọ. Bírò oníbátìrì ní tirẹ̀ á dákẹ́ pẹ̀lú ìka, nítorí okùn kan náà ni wọ́n jọ ń lò. Bí àtẹ̀padà kò bá ràn án, pípààrọ̀ ló kù, gíláàsì àti àwòrán sì sábà máa ń lẹ̀ mọ́ra lára láàpútọ́ọ̀pù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, nítorí náà iye owó àwọn méjèèjì pọ̀ ni kó bi alátùn-únṣe. Lẹ́yìn tí wọ́n bá so tuntun náà tán, bí ìlà bírò bá ṣì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìgbà yẹn gan-an ni kó tẹ `Calibrate`.