Abẹ́rẹ́ aago mẹ́rin: bí a ṣe ń sọ ohùn inú fóònù di ìwé fún nọ́ọ̀sì tó ń wọṣẹ́

Ẹni tó bá ti há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lójú ọ̀nà Ìtóìkín, láàárín Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú, mọ̀ pé nọ́ọ̀sì tó yẹ kó gbaṣẹ́ ní aago méjì ọ̀sán lè má dé títí di aago mẹ́ta. Ẹni tó fẹ́ lọ náà ní ọmọ tó fẹ́ lọ gbà nílé ìwé. Ó lè sọ bí wọ́ọ̀dù ṣe wà sínú fóònù, kó sì máa lọ. Kì í ṣe àṣà tuntun: kí fóònù alágbèéká tó dé, kásẹ́ẹ̀tì ni àwọn nọ́ọ̀sì kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ń gba ohùn sí. Àléébù rẹ̀ nígbà yẹn ló ní títí dòní: a kò lè bi kásẹ́ẹ̀tì ní ìbéèrè.

Ìdí nìyẹn tí nọ́ọ̀sì tó ṣì wà ní wọ́ọ̀dù fi gbọ́dọ̀ sọ ohùn náà di ìwé, pẹ̀lú ṣáàtì aláìsàn níwájú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo obìnrin kan, aláìsàn tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ lásán. Ohùn tí wọ́n gbà ní 1:40 ọ̀sán sọ pé:

“Bẹ́ẹ̀dì kẹrin, ìyá tí gìrì mú lóru nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó ti bímọ, ara ti ń balẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un ní mágísọ́fì, ìdí ọ̀tún. Ìtọ̀ ń lọ dáadáa. Ẹ bá wa fún un ní òmíràn tó bá tó àkókò.”

Létí ẹni tó ń gbọ́, kò sóhun tó kù. Àmọ́ mágísọ́fì, ìyẹn magnísíọ̀mù sọ́fétì tó ń dá gìrì dúró, kì í ṣe oògùn tí a ń fojú bù. Ní ìlànà tí wọ́n fi ń gún un sí ìdí, gíráàmù 4 máa ń kọ́kọ́ gba iṣan wọlé, 10 á tẹ̀ lé e, márùn-ún ní ìdí kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, gíráàmù 5 ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan, òsì lẹ́yìn rẹ̀, títí wákàtí 24 á fi pé lẹ́yìn ìbímọ tàbí gìrì tó kẹ́yìn, èyíkéyìí tó bá pẹ́ jù nínú méjèèjì.

“Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un” wá di ìṣòro. Ẹni tó bá gbọ́ ọ ní aago mẹ́ta lè rò pé 1:30 ni wọ́n gún un. Ṣáàtì ní aago méjìlá ni. Ìwé tí nọ́ọ̀sì wa kọ rèé:

“Bẹ́ẹ̀dì 4. Gìrì ẹ̀ẹ̀kan, 3:40 òru. Mágísọ́fì àkọ́kọ́, 4:00. Bímọ 6:30 àárọ̀. Ìfúnpá 150/100 ní 1:30 ọ̀sán. Gíráàmù 5 ní 12:00, ìdí ọ̀tún (ṣáàtì). Tó kàn: 4:00 ìrọ̀lẹ́, ìdí òsì, bí àyẹ̀wò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé. Ìtọ̀: ohùn ní ‘dáadáa’, kò sọ iye, ṣáàtì ní mílílítà 30 láti 12:00 sí 1:30. Orúnkún àti mímí: ohùn kò sọ, ṣáàtì kò ní in. Òpin oògùn: 6:30 àárọ̀ ọ̀la.”

Ó yà mí lẹ́nu bí àwọn kan ṣe máa ń fẹ́ fi “ara rẹ̀ le” dí àlàfo tó wà níbi mímí yẹn. Nọ́ọ̀sì yìí fi àlàfo sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àlàfo, kí ẹni tó ń bọ̀ lè rí i.

Ọ̀rọ̀ ìtọ̀ ló wúwo jù níbẹ̀. Kíndìnrín ló ń kó oògùn yìí jáde; bí ìtọ̀ bá lọ sílẹ̀, oògùn á máa ga nínú ẹ̀jẹ̀. Orúnkún tó máa ń ta pọ́ún tí a bá fi òòlù kékeré kàn án ló kọ́kọ́ máa ń dákẹ́, lẹ́yìn rẹ̀ ni èémí á bẹ̀rẹ̀ sí falẹ̀. Nítorí náà, kí wọ́n tó gún abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan, orúnkún gbọ́dọ̀ ta, mímí gbọ́dọ̀ tó 16 ní ìṣẹ́jú kan, ìtọ̀ sì gbọ́dọ̀ tó mílílítà 30 ní wákàtí kan fún wákàtí mẹ́rin tó kọjá. Ọgbọ̀n ní wákàtí kan àtààbọ̀ kò tó: 45 ló yẹ.

Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ń to irú ìwé báyìí sí ọ̀nà mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní SBAR: ipò tí aláìsàn wà, ìtàn ẹ̀yìn, ohun tí a rí, ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà tó ń wa ọkọ̀ abẹ́ omi ló ti wá. Káísà Pámánẹ́ńtè ló gbé e wọ iṣẹ́ ìlera, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì dámọ̀ràn rẹ̀ lọ́dún 2007. Ó wúlò, àmọ́ kò lè bá ẹnikẹ́ni wá iye ìtọ̀ tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kò sọ.

Ohùn fúnra rẹ̀ ńkọ́? Òfin Ìlera Nàìjíríà ti ọdún 2014 ka ọ̀rọ̀ aláìsàn sí àṣírí, nítorí náà Wọ́sáàpù wọ́ọ̀dù kọ́ ni ibùgbé rẹ̀.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì ọ̀sán wọlé ní 3:10, ìwé ló kọ́kọ́ kà, ó sì lọ wo àpò ìtọ̀. Ní aago mẹ́rin, orúnkún ta, mímí jẹ́ 18, ṣùgbọ́n mílílítà 85 péré ló wà nínú àpò láti aago méjìlá, dípò 120. Ó dá abẹ́rẹ́ dúró, ó gbé kálísíọ̀mù glukonéètì tí í pa agbára mágísọ́fì sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó pe dókítà, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ ìwé náà: “4:00, a kò fún un. Ìtọ̀ 85. Dókítà ti gbọ́.”