Gbèsè Béékìrì: Ta Ni Yóò San Án?

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò tó bá ti gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ àjọ CAC máa ń gbé e kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù, ọkàn wọn á sì balẹ̀ pé òfin ti dáàbò bo àwọn. Ó yẹ kí wọ́n wo nọ́ńbà ara ìwé náà dáadáa. Bí BN bá ṣáájú nọ́ńbà, orúkọ òwò nìkan ni wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ RC, ilé-iṣẹ́ límítẹ́ẹ̀dì ni. Nígbà tí ọjà ń tà, ìyàtọ̀ yìí kì í hàn. Ìgbà tí gbèsè bá wọlé ló ń hàn.

Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin kan tó ń ṣe búrẹ́dì n'Íbàdàn ṣe àpẹẹrẹ. Ó gba fúláwà àti ṣúgà àwìn ₦6,000,000. Ọjà kò tà mọ́, ó ti béékìrì pa. Wọ́n ta ọ́fìnnì àti ẹ̀rọ tó ń po fúláwà, owó rẹ̀ jẹ́ ₦2,500,000. Ó ku ₦3,500,000. Obìnrin yìí ní púlọ́ọ̀tì ilẹ̀ kan ní Mọ́níyà tí kò bá béékìrì tan rárá.

Bó bá jẹ́ pé òun nìkan ló ni òwò náà, òun ni yóò san gbogbo ohun tó kù. Lójú òfin, òun àti béékìrì rẹ̀ kò yàtọ̀ síra, ìbáà ní BN. Bí oní-fúláwà bá gba ìdájọ́ lé e lórí, kóòtù lè pàṣẹ kí wọ́n mú owó tó wà ní báńkì rẹ̀, kí wọ́n sì ta púlọ́ọ̀tì Mọ́níyà.

Bó bá wá jẹ́ pé òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n jọ dá a sílẹ̀ ńkọ́? Ibí yìí gan-an ni ewu pọ̀ sí jù, nítorí ìfọkàntán ni ọ̀pọ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nínú òwò àjọṣe, ẹnì kọ̀ọ̀kan lè ṣojú ẹnì kejì. Bí ọ̀rẹ́ náà bá lọ gba fúláwà àwìn fún béékìrì láìsọ fún un, gbèsè àwọn méjèèjì ni. Bí ọ̀rẹ́ kò bá ní nǹkan kan, ẹni tó ní ilẹ̀ ni oní-fúláwà yóò dojú kọ, ó sì lè san gbogbo ₦3,500,000 tán kó tó máa wá ìdajì rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́. Bó bá tilẹ̀ ti yọwọ́ nínú òwò náà, gbèsè tí wọ́n jẹ kó tó lọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Tí kò bá sì jẹ́ kí àwọn oníbàárà mọ̀ pé òun ti lọ, gbèsè ẹ̀yìn ìgbà náà lè bá a. Nǹkan mìíràn tún wà: bí wọn kò bá kọ àdéhùn sílẹ̀, dọ́gbadọ́gba ni òfin ń pín èrè, kódà bí ẹnì kan bá mú owó púpọ̀ sílẹ̀ ju ẹnì kejì lọ.

Òfin ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà ti 2020 ti fàyè gba irú àjọṣe kan tó ní ààbò lórí gbèsè, ṣùgbọ́n àfi kí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́tọ̀. Èyí tí wọ́n fẹnu dá sílẹ̀ kò sí lára rẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ límítẹ́ẹ̀dì yàtọ̀ pátápátá. Ẹjọ́ tó fẹsẹ̀ èyí múlẹ̀ ti pẹ́. Ní 1892, Aron Salomon, oníbàtà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ta òwò rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ límítẹ́ẹ̀dì tó dá sílẹ̀. Òun ló ni ìpín fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀. Ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ márùn-ún ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, nítorí òfin ìgbà náà ní kí ẹni méje pé. Ilé-iṣẹ́ náà wọ gbèsè. Kóòtù méjì ní kí Salomon san án. Ṣùgbọ́n ní 1896, kóòtù tó ga jù lọ ní Bìrìtìkó yí ìdájọ́ náà padà: gbèsè ilé-iṣẹ́ ni, kì í ṣe tirẹ̀. Lónìí ní Nàìjíríà, láti ìgbà òfin 2020, ẹnì kan ṣoṣo lè dá irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé béékìrì wa ní RC, ₦2,500,000 ni oní-fúláwà yóò rí gbà, púlọ́ọ̀tì Mọ́níyà kò sì ní bá a lọ, bí obìnrin náà bá ti san owó ìpín rẹ̀ tán.

Ààbò yìí ní ààlà. Ẹni tó bá fi ilé-iṣẹ́ lu jìbìtì, kóòtù lè mú un fúnra rẹ̀. Èyí tó sì ń ká ọ̀pọ̀ mọ́ ni ìwé onídùúró. Kí báńkì tó yá ilé-iṣẹ́ kékeré lówó, wọ́n sábà máa ń ní kí ẹni tó ni ín fọwọ́ síwèé pé bí ilé-iṣẹ́ kò bá san án, òun yóò san án. Lọ́jọ́ tó bá fọwọ́ sí i, ilẹ̀ Mọ́níyà ti padà sínú ewu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé RC ṣì wà lára ògiri. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí ìwé kankan, ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ orúkọ yín síbẹ̀: ṣé gẹ́gẹ́ bí olùdarí tó ń fọwọ́ síwèé fún ilé-iṣẹ́ ni, àbí gẹ́gẹ́ bí onídùúró? Bó bá jẹ́ onídùúró, ẹ gbé e lọ bá lọ́yà kẹ́ ẹ tó mú bírò.