Bónẹ́à: Ibi Ìbẹ̀rẹ̀ fún Ẹni Tó Fẹ́ Wo Abẹ́ Òkun

Erékùṣù Bónẹ́à wà nínú òkun Kàríbíánì, nítòsí Fẹnẹsuẹ́là. Òjò kì í pọ̀ níbẹ̀, kò sì sí odò ńlá tó ń da ẹrẹ̀ sínú òkun, ìdí nìyẹn tí omi rẹ̀ fi mọ́ gaara: ojú sábà máa ń ríran tó mítà 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìwọ̀ oòrùn ni kí akẹ́kọ̀ọ́ ti wọ omi. Atẹ́gùn máa ń fẹ́ láti ìlà oòrùn, ilẹ̀ sì ń dí i lọ́nà. Ìgbì apá ìlà oòrùn kì í ṣe ti ọ̀gbẹ̀rì rárá. Ìjì líle tó ń da Kàríbíánì láàmú láti oṣù kẹfà sí oṣù kọkànlá kì í sábà dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn a máa yí padà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ìgbì bá ń fọ́ funfun létí òkun ìwọ̀ oòrùn, tí omi sì rí bí omi ẹ̀kọ, iyanrìn ti rú nìyẹn. Kí èèyàn dúró dọjọ́ mìíràn.

Omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, síbẹ̀ aṣọ rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dára, torí omi ń yára fa ooru kúrò lára ju afẹ́fẹ́ lọ, ẹni tí òtútù bá sì mú a tètè mí afẹ́fẹ́ inú àgbá rẹ̀ tán.