Ibi Tí Gíráàfù Irin Ti Ń Wálẹ̀

Nínú ìjábọ̀ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹnjiníà, gíráàfù ìdánwò fífa irin máa ń gòkè tààrà, á tẹ̀, á dé téńté, á sì wálẹ̀ kí irin tó já. Àwọn kan a máa kọ ọ́ pé irin ti rọ̀ lópin. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ká mú ọ̀pá irin tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 10. Ojú rẹ̀ tó mìlímítà onígun mẹ́rin 78.5. Ká ní ó juwọ́ sílẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ fi kílóníútọ̀nù 19.6 fà á: níútọ̀nù 250 ló wà lórí mìlímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá tú u sílẹ̀ lẹ́yìn ibẹ̀, kò ní padà sí gígùn rẹ̀ àtijọ́ mọ́. Ní téńté, iye náà lè di 400.

Lẹ́yìn èyí, ibì kan lára ọ̀pá á bẹ̀rẹ̀ sí í tínrín bí ọrùn. Ká ní ó já ní kílóníútọ̀nù 25, tí ìbú ọrùn náà ti di mìlímítà 6. Gíráàfù á ka 318, nítorí ojú tí ọ̀pá ní kí wọ́n tó fà á ni wọ́n fi pín in. Bí a bá fi ojú ọrùn pín in, á ju 880 lọ.

Ìdí nìyí tí akẹ́kọ̀ọ́ fi gbọ́dọ̀ wọn ọrùn irin tó já, kó sì kọ ojú tó fi pín agbára sínú ìjábọ̀ rẹ̀.