Bí Ọwọ́ Òsì Àwọn Onídùùrù Jáàsì Ṣe Fúyẹ́

Ẹni tó bá ti kọrin nínú kúáyà ìjọ rí, tó sì mọ so-fa, ti mọ ìdajì ohun tí àwọn oníjáàsì ń pè ní méjì-márùn-ún-ọ̀kan. Kọ́ọ̀dù mẹ́ta ló ń tẹ̀ léra: èkíní dúró lórí re, èkejì lórí so, ẹ̀kẹta lórí do, tó jẹ́ ilé. Ti re ni re, fa, la, do. Ti so ni so, ti, re, fa. Ti do ni do, mi, so, ti. Kíkà wọn kò le. Ọ̀nà tí ọwọ́ yóò gbà tẹ̀ wọ́n ló gba àwọn àgbà onídùùrù Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ogójì ọdún.

Ní Harlem, ní ìlú New York, láyé James P. Johnson tó gba "Carolina Shout" sórí àwo ní 1921, ẹrù ńlá ni ọwọ́ òsì ń gbé. Á tẹ ohùn ìpìlẹ̀ nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, á fò wá sáàárín láti tẹ kọ́ọ̀dù, á tún fò padà. Òun ni béèsì, òun náà ni ìlù. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ oníbíbọ́ọ̀pù bẹ̀rẹ̀ sí í sáré orin ní àwọn ọdún 1940, ìfò yẹn kò bá eré wọn mu mọ́. Ẹni tó ń ta béèsì sì ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ onídùùrù, tó ń tọ́jú ìsàlẹ̀.

Bud Powell ló sọ ẹrù náà kalẹ̀ jù. Ohùn méjì péré ni ọwọ́ òsì rẹ̀ sábà máa ń tẹ̀: ìpìlẹ̀, àti ìkẹta tàbí ìkeje. Ìkẹta ló ń sọ bóyá kọ́ọ̀dù jẹ́ méjọ̀ tàbí máínọ̀. Ìkeje ló ń sọ bóyá ó fẹ́ jókòó tàbí ó fẹ́ máa lọ. Ìkarùn-ún kò sọ nǹkan kan, kí wọ́n yọ ọ́ kò dun ẹnikẹ́ni.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ bí a bá mú ìkẹta àti ìkeje nìkan. Kọ́ọ̀dù re fún wa ní fa àti do. Ti so fún wa ní fa àti ti. Ti do fún wa ní mi àti ti. Fa dúró, do sọ̀ kalẹ̀ sí ti. Lẹ́yìn náà ti dúró, fa sọ̀ kalẹ̀ sí mi. Ìka kan ṣoṣo ló ń yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kíì tó kàn án gan-an ló sì ń bọ́ sí. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni gbogbo adùn rẹ̀ wà.

Onígìtá lè rí i kedere. Kí do jẹ́ C, kí a sì ka okùn láti orí èyí tó tín-ín-rín jù. Tẹ okùn kẹrin ní fúrẹ́ẹ̀tì kẹta, okùn kẹta ní fúrẹ́ẹ̀tì karùn-ún: fa àti do nìyẹn. Sún ìka orí okùn kẹta wá sí fúrẹ́ẹ̀tì kẹrin, jẹ́ kí ti okùn kẹrin dúró síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, sún ìka orí okùn kẹrin wá sí fúrẹ́ẹ̀tì kejì. Ó tán. Freddie Green, tó wọ ẹgbẹ́ Count Basie ní 1937, di olókìkí nítorí irú ìṣọ́ra bẹ́ẹ̀: okùn díẹ̀, ẹgbẹ́ ńlá.

Ní àwọn ọdún 1950, Ahmad Jamal àti Red Garland lọ síwájú sí i, wọ́n ń fi ohùn ìpìlẹ̀ sílẹ̀ fún béèsì pátápátá. Bill Evans ló wá sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé ń kọ́. Ní oṣù Kejìlá 1959, òun, Scott LaFaro tó ń ta béèsì àti Paul Motian onílù gba "Autumn Leaves" sórí àwo, orin Joseph Kosma tó ti ilẹ̀ Faransé wá, tí méjì-márùn-ún-ọ̀kan sì bẹ̀rẹ̀ ègbè rẹ̀. Irú ìtò tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ kọ́ni nìyí: fa, la, do, mi, lẹ́yìn náà fa, la, ti, mi, lẹ́yìn náà mi, so, ti, re. Láti èkíní sí èkejì, do nìkan ló yẹ̀. Láti èkejì sí ẹ̀kẹta, mẹ́ta sọ̀ kalẹ̀, ti jókòó sípò rẹ̀.

Ìtò yìí kò dá dúró láìsí béèsì. Bí onídùùrù bá dá nìkan tẹ fa, la, do, mi, kọ́ọ̀dù fa ni etí yóò gbọ́, ọ̀nà ilé á sì dàrú. Láti dá a mọ̀, fi ẹnu kọ re nísàlẹ̀ bí o ti ń tẹ̀ ẹ́: bí gbogbo rẹ̀ bá yí àwọ̀ padà lójijì, béèsì ló kù. Ẹni tó dá wà kó padà sí ti Powell.

Ìṣòro kejì tí ìtò yìí ní ni ìsàlẹ̀. Bí ohùn tó kéré jù bá lọ jìnnà sísàlẹ̀ C tó wà láàárín dùùrù, ohùn á ṣú pọ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò. Nígbà tí do bá jẹ́ C, mi tó gbẹ̀yìn ṣì mọ́. Bí do bá di A, mi yóò bọ́ sí C-ṣáápù ìsàlẹ̀, kò sì ní dùn ún gbọ́. Nígbà náà ni a ó yí ìtò padà: do, mi, fa, la, lẹ́yìn náà ti, mi, fa, la, lẹ́yìn náà ti, re, mi, so. Ohùn kan náà ni, orí wọn ló yí, do yóò sì ti A tó wà lábẹ́ C àárín bẹ̀rẹ̀.