Èló Ni Èlé Rẹ̀? Tábìlì Ẹ̀yáwó Tí Wọ́n Yà Ní Fọ́tò

Bí báǹkì kéékèèké bá fẹ́ yá ènìyàn lówó, wọ́n máa ń tẹ ìwé kan jáde tó ní tábìlì nínú: ọjọ́ tí onígbèsè yóò san owó, iye tí yóò san, àti gbèsè tí yóò kù lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ oníbàárà kì í mú ìwé náà délé. Orí káńtà ni wọ́n ti máa ń fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀, fọ́tò náà á sì bọ́ sínú Wáàsáàpù. Ìgbà tí ọmọ bá béèrè nílé pé, "Mọ́mì, èló ni èlé tẹ́ ẹ máa san lápapọ̀?" ni wọ́n tó ń rí i pé àtàǹpàkò ti bo apá kan, ìmọ́lẹ̀ tàn yòò sí apá kan, ìsàlẹ̀ ìwé kò sì wọlé rárá.

Irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ṣì lè dáhùn ìbéèrè náà. Òpó méjì péré la nílò nínú tábìlì: òpó iye tí à ń san lóṣooṣù, àti òpó gbèsè tó kù. Òpó èlé fúnra rẹ̀ lè má hàn rárá, kò sì ní dí wa lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú ìyá kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Gbági, n'Íbàdàn. Ó yá ₦600,000 fún oṣù 12. Nínú fọ́tò tó yà, òpó èlé àti òpó ojú owó ti wà lábẹ́ àtàǹpàkò rẹ̀. Ohun tó hàn ni pé ₦60,277 ni yóò máa san lóṣooṣù, àti pé lẹ́yìn oṣù kìíní, gbèsè tó kù jẹ́ ₦557,723.

Ìṣirò àkọ́kọ́ kò le. Ìgbà 12 tí a bá san ₦60,277 jẹ́ ₦723,324. Ẹ yọ ₦600,000 tó yá kúrò, ó ku ₦123,324. Èlé gbogbo oṣù 12 náà nìyẹn. Bí ìlà ìkẹyìn bá hàn nínú fọ́tò, a lè rí i pé owó oṣù 12 fi náírà mélòó kan ju tàwọn yòókù lọ. Nínú tábìlì yìí, ₦60,281 ni, àpapọ̀ èlé sì di ₦123,328. Kọ́bọ̀ tí báǹkì ń gé kúrò lóṣooṣù ló fa ìyàtọ̀ kékeré náà, kì í ṣe jìbìtì.

Àmọ́ ṣé ohun tí a kà nínú fọ́tò náà tọ̀nà? Ibí yìí gan-an ni àṣìṣe ti ń wọlé. Nínú fọ́tò tó ṣú, 4 máa ń dà bí 9, 3 sì máa ń dà bí 8. Ká ní gbèsè tó kù lẹ́yìn oṣù kejì kò hàn dáadáa: ó lè jẹ́ ₦514,178, ó sì lè jẹ́ ₦519,178. Ẹ má ṣe méfò. Ní oṣù kìíní, gbèsè dín láti ₦600,000 sí ₦557,723, ìyẹn ni pé ₦42,277 ló kúrò lára ojú owó. Nínú ₦60,277 tí ìyá náà san, ₦18,000 tó ṣẹ́ kù ni èlé, ó sì jẹ́ 3% owó tó yá. A ti mọ iye tí báǹkì ń gbà nìyẹn, láìrí òpó èlé.

Níwọ̀n ìgbà tí gbèsè ń dín kù, tí owó tí à ń san kò sì yí padà, èlé á máa kéré sí i, ohun tó ń kúrò lára ojú owó á sì máa pọ̀ sí i. Bí gbèsè oṣù kejì bá jẹ́ ₦519,178, a jẹ́ pé ₦38,545 péré ló kúrò, ó kéré sí ti oṣù kìíní. Ìyẹn kò ṣeé ṣe. Bó bá jẹ́ ₦514,178, ₦43,545 ló kúrò. Ẹ fi 3% kún ₦42,277 lórí ẹ̀rọ ìṣirò fóònù yín, ₦43,545 àti kọ́bọ̀ díẹ̀ ni yóò fún yín. Nọ́ńbà tòótọ́ ti hàn. Bí ẹ bá ṣe báyìí fún ìlà méjì tàbí mẹ́ta, tó sì ń bára mu, ẹ lè fọkàn tán ohun tí ẹ kà.

Ìdánwò kan náà yìí ló ń tú àṣírí ohun tí àwọn oníṣòwò wa ń pè ní èlé fíláàtì. Lábẹ́ èlé fíláàtì, orí ₦600,000 ni wọ́n á máa gba 3% lóṣooṣù títí ẹ̀yáwó á fi parí, bí gbèsè tilẹ̀ ti kù díẹ̀. Ìyá aláṣọ wa á san ₦50,000 ojú owó pẹ̀lú ₦18,000 èlé lóṣooṣù, ₦68,000 lápapọ̀. Èlé oṣù 12 á wá di ₦216,000. Ẹnu òṣìṣẹ́ báǹkì lè pe méjèèjì ní "ìdá mẹ́ta lóṣù", bẹ́ẹ̀ ₦92,672 ló wà láàárín wọn, owó tó lè ra ọjà kún ṣọ́ọ̀bù. Nínú fọ́tò, a ó dá a mọ̀ lọ́nà yìí: iye kan náà ni gbèsè fi ń dín kù láti ìlà dé ìlà, tí owó tí à ń san kò sì yí padà rárá. Ẹni tó bá rí ìyẹn kó tó fọwọ́ síwèé ṣì láyè láti lọ wo báǹkì mìíràn.

Ìbéèrè mìíràn tó máa ń jáde ni ti ẹni tó rówó lójijì, tó sì fẹ́ san gbèsè tán láàárín ọdún. Èlé tó ti san títí di òní ni gbogbo owó tó ti san, láìka iye tí gbèsè fi dín kù. Ní òpin oṣù kẹfà, ìyá aláṣọ ti san ₦361,662. Tábìlì fi hàn pé gbèsè ku ₦326,535, ó ti dín ní ₦273,465. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ ₦88,197. Nínú ₦123,328 èlé gbogbo ọdún, oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ti gbé èyí tó ju ìdá méje nínú mẹ́wàá lọ. Bó bá san gbogbo gbèsè tó kù lọ́jọ́ náà, ₦35,131 ló máa bọ́ lọ́rùn rẹ̀, bí báǹkì kò bá ní owó ìtanràn lórí ìsanwó ṣáájú àkókò. Ẹni tó ń retí pé ìdajì èlé ló kù yóò rí i pé ó kéré gan-an.

Ohun méjì wà tí fọ́tò kò lè sọ. Ìkíní ni èlé tó lè yí padà. Ní oṣù kárùn-ún ọdún 2022, Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé òdiwọ̀n èlé rẹ̀ kúrò ní 11.5% sí 13%. Nígbà tó fi máa di oṣù kọkànlá ọdún 2024, ó ti dé 27.50%. Bí ìwé àdéhùn bá fún báǹkì láyè láti yí èlé padà, tábìlì tí ẹ yà lọ́jọ́ ìfọwọ́síwèé kò wúlò mọ́ lọ́jọ́ tí ìyípadà bá dé. Ẹ béèrè tuntun, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ ìṣirò láti orí gbèsè tó kù lọ́jọ́ náà.

Èkejì ni owó tí wọ́n yọ kí owó tó wọ àkáǹtì: owó fọ́ọ̀mù, owó ìnṣọ́ránsì àti irú wọn. Kì í sábà wà nínú tábìlì ìsanwó. Nítorí náà, ẹ ṣí àlẹ́ẹ̀tì tó wọlé lọ́jọ́ tí owó dé, kí ẹ wo iye tó wọlé gan-an. Bí ₦585,000 ló wọ àkáǹtì ìyá aláṣọ wa, tí wọn kò sì ní dá ₦15,000 yòókù padà fún un, ohun tí ẹ̀yáwó náà ná an kì í ṣe ₦123,328, ₦138,328 ni.