Kí Ẹ Tó Pe Àlejò Wá Kọ́ Àwọn Òṣìṣẹ́ Yín

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, mo jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn ilé iṣẹ́ búrẹ́dì kan, mo ń wo àwọn òṣìṣẹ́ tí orun ń kùn. Olùdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a pè wá mọṣẹ́ rẹ̀, ó sì ń sọ̀rọ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n òru mọ́jú làwọn tó jókòó síwájú rẹ̀ fi po ìyẹ̀fun. Èmi ni mo ṣètò ọjọ́ náà, mo sì ti fi í sí aago mẹ́sàn-án láìbéèrè ìgbà tí wọ́n ń kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Owó lọ, ọjọ́ lọ, nǹkan kan ò yí padà.

Láti ìgbà náà, n kì í kọ lẹ́tà sí onímọ̀ kankan kí n tó mọ ohun tó ń bàjẹ́ nínú iṣẹ́ gan-an. Ibẹ̀ ni àkòrí ti ń jáde, àkòrí ló sì ń sọ iye owó àti bí ọjọ́ náà ṣe máa rí.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé búrẹ́dì kan ní Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ. Òṣìṣẹ́ mẹ́rìnlélógún ló wà níbẹ̀. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù ń dá búrẹ́dì padà nítorí pé kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tó fi ń bu. Ọ̀gá ní, "Ẹ pe ẹnì kan wá kọ́ wọn ní ìmọ́tótó." Bí a bá kọ ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí olùkọ́ ìmọ̀ oúnjẹ kan ní yunifásítì ní Abẹ́òkúta, ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti kọ́ ní òtẹ́ẹ̀lì àti nílé ìwé ni wọ́n máa gbé wá: ẹ fọwọ́, ẹ dé fìlà, ẹ gé èékánná. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, àmọ́ ó lè má jẹ́ ohun tó ń ba búrẹ́dì yìí jẹ́.

Kí a kọ́kọ́ fi ọ̀sẹ̀ kan ka búrẹ́dì tó ń padà wá, ká kọ ọjọ́ tí wọ́n yan án àti ọkọ̀ tó gbé e jáde sílẹ̀. Ká ní èyí tó pọ̀ jù jẹ́ ti ọkọ̀ àkọ́kọ́, tó ń jáde ní aago márùn-ún ìdájí. Ẹ lọ dúró níbẹ̀ ní aago mẹ́rin ààbọ̀. Ẹ ó rí i pé àwọn tó ń di búrẹ́dì ń kánjú nítorí dẹ́rẹ́bà ń fọn fèrè, pé búrẹ́dì ṣì ń gbóná nígbà tí wọ́n ń tì í sínú ọ̀rá. Oru tó yẹ kó jáde lára rẹ̀ há sínú ọ̀rá, ó di omi, ibi tó tutù bẹ́ẹ̀ sì ni èbíbu ti ń rí àyè gbilẹ̀. Búrẹ́dì ńlá lè lo wákàtí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí pẹpẹ kí inú rẹ̀ tó tutù, bí ẹ̀yìn rẹ̀ ò tilẹ̀ gbóná mọ́.

Àkòrí ti dé nìyẹn: "Báwo la ṣe ń mọ̀ pé búrẹ́dì ti tutù tó láti dì, kí ló sì ń ṣẹlẹ̀ bí a bá kánjú?" Onímọ̀ tó bá gba irú àkòrí yìí yóò mọ ohun tó máa múra sílẹ̀. Bí ẹ bá pè wọ́n lórí fóònù, ẹ tẹ́tí sí ìbéèrè tí àwọn náà máa bi yín. Èyí tó mọ iṣẹ́ yóò ní, "Irú ààrò wo lẹ ń lò? Ṣé atẹ́gùn máa ń fẹ́ sí ibi tí ẹ ń tẹ́ búrẹ́dì sí?" Ẹni tí kò bá béèrè nǹkan kan ju iye èrò tó máa wá lọ, ẹ̀kọ́ àtijọ́ ló máa gbé wá.

Ọ̀rọ̀ owó kàn. Kì í ṣe wákàtí tí wọ́n fi sọ̀rọ̀ nìkan là ń san owó fún. Ìmúrasílẹ̀ wà níbẹ̀, ọjọ́ ìrìn àjò wà níbẹ̀, àbẹ̀wò sí ibi iṣẹ́ náà wà níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ béèrè báyìí: "Dókítà, ẹ jọ̀wọ́ mà, èló ni owó iṣẹ́ yín, kí ló sì wà nínú rẹ̀?" Ká ní wọ́n ní ₦200,000, pé owó ọkọ̀ àti ilé tí wọ́n máa sùn kò sí nínú rẹ̀. Ẹ kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ sínú lẹ́tà.

Ibi tí ìjà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ni owó orí. Òfin Nàìjíríà ní kí ilé iṣẹ́ yọ 5% nínú owó iṣẹ́ irú onímọ̀ bẹ́ẹ̀, kó sì san án fún ìjọba ìpínlẹ̀ tí ẹni náà ń gbé. Lára ₦200,000, ₦10,000 ló máa lọ, ₦190,000 ni wọ́n máa rí nínú báńkì. Mo ti rí onímọ̀ kan tó bínú lọ nítorí pé àlẹ́ẹ̀tì tó wọ fóònù rẹ̀ dín sí iye tí ó gbọ́. Kò sẹ́ni tó jí owó rẹ̀. A kàn ò sọ fún un ṣáájú ni. Bí ẹ bá fẹ́ kí ₦200,000 pé sọ́wọ́ wọn, iye tí ẹ máa kọ sínú lẹ́tà yóò lé díẹ̀ ní ₦210,500. Ẹ sì fún wọn ní ìwé ẹ̀rí owó orí náà, torí wọ́n máa fi yọ ọ́ kúrò nínú owó orí tí àwọn fúnra wọn máa san lọ́dún. Ẹ tún kọ iye tí ẹ máa san ṣáájú, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ọjọ́ bá yẹ̀, àti bóyá ẹ máa gba fídíò ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ tuntun.

Ètò ọjọ́ náà yóò tẹ̀lé iṣẹ́ òru àti iṣẹ́ ọ̀sán. Kí Dókítà dé ní ọ̀sán Furaidé, kí wọ́n bá àwọn aṣòru sọ̀rọ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó wọṣẹ́. Kí wọ́n sùn ní Ìbàdàn, kí wọ́n wá wo bí a ṣe ń di búrẹ́dì ní ìdájí, kí wọ́n sì bá àwọn tó kù sọ̀rọ̀ ní aago mẹ́wàá Sátidé. Ẹ má fi àwọn dẹ́rẹ́bà sílẹ̀. Fèrè wọn ló ń mú kí wọ́n di búrẹ́dì ní gbígbóná. Kí ẹ̀kọ́ náà jẹ́ ní Yorùbá. Bí iná bá lọ, kò gbọ́dọ̀ dá a dúró, nítorí kì í ṣe ẹ̀rọ àfihàn ló máa gbé e.

Ohun tó máa gbé e ni búrẹ́dì méjì tí ẹ ti fi sílẹ̀ láti ọjọ́ márùn-ún ṣáájú: wọ́n jọ jáde láti inú ààrò kan náà, ẹ di ọ̀kan ní gbígbóná, ẹ jẹ́ kí èkejì tutù tán. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni jẹ nínú wọn.

Kí ọ̀gá náà jókòó sí gbọ̀ngàn, nítorí bí ọkọ̀ bá ṣì gbọ́dọ̀ jáde ní aago márùn-ún, ẹ̀kọ́ kò lè mú kí búrẹ́dì tutù. Òun nìkan ló lè sún aago ọkọ̀ sẹ́yìn tàbí kó ní kí a tètè bẹ̀rẹ̀ sí yan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ tún fi ọ̀sẹ̀ kan ka búrẹ́dì tó ń padà wá, bí ẹ ti kà á lákọ̀ọ́kọ́. Bí iye rẹ̀ kò bá dín, ẹ padà lọ síbi tí wọ́n ti ń dì í ní aago mẹ́rin ààbọ̀, kí ẹ fọwọ́ kan búrẹ́dì náà.